Iye dátà tí ọmọ mi ń jẹ nìyí nínú àwòrán: èló ni kí n fi ránṣẹ́ lóṣù?

Màmá Títí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi tó wà nílé ìwé ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ní kí n máa fi owó dátà oṣù kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òun yé yọ mí lẹ́nu. Mo ní kó kọ́kọ́ fi iye tó ń jẹ lójúmọ́ hàn mí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi fóònù tirẹ̀ ya ojú fóònù náà, àwòrán ọ̀hún ò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo rí kà nìyí:

Mon 420 MB
Tue 390 MB
Wed 450 MB
Thu 410 MB
Fri 530 MB
Sat 1.2 GB
Sun 1.3 GB
Today 160 MB

Ó kọ 4.86 GB sókè pátápátá. Aago fóònù náà jẹ́ 11:20 àárọ̀. Àwòrán kejì ni ti owó dátà tó máa ń rà: 2GB, ₦750, 2 days. Mo fi 30 sọ 160 di púpọ̀, ó jẹ́ 4,800, tí kò tó 5GB. Ẹyọ mẹ́ta á ká a, ₦2,250 nìyẹn. Ọmọ ní ₦15,000 lòun fẹ́ gbà. Ẹ bá mi wò ó, ta ló ń rẹ́ ta jẹ?

Bọ̀dá Kúnlé:
Mà, iye òní lẹ mú, òní ò sì tíì parí. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ya àwòrán, ẹni tó ń lo 420 MB lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ò lè dúró sí 160. Ẹ yọ òní kúrò. Ẹ ro ọjọ́ méje tó pé pọ̀, ó jẹ́ 4,700 MB. Ẹ pín in sí méje, nǹkan bí 671 MB lójúmọ́. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní 20GB. Ẹyọ mẹ́wàá ò ní tó, ẹ kà á sí mọ́kànlá, ₦8,250. Ọmọ yín fi ₦6,750 lé e.

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Bọ̀dá Kúnlé, ìṣirò yín tọ̀nà dé ibi 20GB. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ di owó ni mi ò bá yín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Màmá ka àwòrán náà dáadáa. Tí èèyàn bá fi fóònù ya ojú fóònù mìíràn, ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ máa ń hàn lójú àwòrán, àmì kékeré tó wà láàrin nọ́ńbà sì lè pòórá. 1.2 lè di 12, MB lè dà bíi GB. Iye tó wà lókè ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì jẹ́ 2,200 MB. Àbámẹ́ta àti Àìkú jẹ́ 2.5 GB. Òní 160 MB. Ẹ ro ó pọ̀: 4.86 GB, bó ṣe wà lókè gẹ́lẹ́. Nítorí náà kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ṣì kà, kò sì sí ọjọ́ kankan tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ tí àwòrán ò gbé. Ká ní kò bára mu ni, ẹ má tíì ṣírò nǹkan kan. Ẹ ní kó tẹ bọ́tìnì agbára àti ti dídín ohùn kù pa pọ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kó fi sìkírínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́.

Ohun tí àròpọ̀ yẹn ò lè sọ fún wa ni bóyá dátà síìmù ni tàbí Wáìfáì. Ojú ewé méjèèjì jọra lórí fóònù púpọ̀. Kí ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.86 GB yẹn, mà?

Àǹtí Bísí:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí tèmi ń kọ 312 GB? Aífóònù ni. Mi ò lè lo 312 GB lóṣù kan láéláé, mo sì ti bá àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà títí. Ṣé kí n ṣe ìṣirò oṣù pẹ̀lú ẹ̀ ni?

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Rárá o, Àǹtí. "Current Period" tí aífóònù kọ kì í ṣe oṣù kan. Kì í padà sí òdo fúnra rẹ̀. Ẹ yí ojú ewé náà wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí "Last Reset" àti déètì. Látọjọ́ yẹn ló ti ń kà, ó sì lè jẹ́ ọdún mélòó kan. Ẹ tẹ "Reset Statistics" lálẹ́ òní, ẹ padà wò ó ní alẹ́ ọjọ́ keje. Kò ní fi tọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn yín bíi ti ọmọ Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ti ọ̀sẹ̀.

Màmá Títí:
Mo ti tún un wò. "Mobile data – SIM 1" ló kọ. Àwòrán owó ni kò pé o. Ìlà kan wà lábẹ́ 2GB tí wọ́n gé, àmì "+" nìkan ni mo rí níbẹ̀.

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Ẹ ṣé. A ó padà sórí "+" yẹn.

Ibi tí ₦8,250 ti yẹ̀ nìyí. Ọjọ́ méjì ni dátà yẹn ń gbé. Bó lò ó tán o, bí kò lò ó tán o, ó ti kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Láti Ajé sí Ẹtì, 440 MB ló ń lò lójúmọ́, ọjọ́ méjì ò ju 880 MB lọ nínú 2GB. Ó lé ní 1GB tó ń ṣòfò lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ ní dátà lójoojúmọ́, 30 pín sí 2 ni a ó ṣe. Ẹyọ 15 nìyẹn, ₦11,250. Ọjọ́ ló ń rà, kì í ṣe GB.

Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni GB ti ń ṣe é. Àbámẹ́ta àti Àìkú jẹ́ 2.5GB, ẹyọ kan ò gbà á. Tó bá rà á ní kùtùkùtù Àbámẹ́ta, yóò tán lọ́sàn-án Àìkú, á sì ní láti ra òmíràn. Àwọn kan á wá fi ẹyọ kan kún un fún òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ẹyọ 19. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó rà lọ́sàn-án Àìkú bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méjì tirẹ̀ látìgbà yẹn, á gbé e dé ọ̀sán Ìṣẹ́gun. Ohun tó pàdánù ò ju wákàtí mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ lọ. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí 36, kò tó ọjọ́ méjì. Nítorí náà ẹyọ kan péré la ó fi kún 15. Ẹyọ 16, ₦12,000.

Ó tún kù: kó wo ìṣẹ́jú tí dátà máa kú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbà. Tí wọ́n bá ń ka ọjọ́ méjì dé òru ọjọ́ kejì dípò wákàtí 48, rírà lálẹ́ á máa jẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹyọ 16 ò sì ní tó.

Bọ̀dá Kúnlé:
Mo gbà lórí ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn dátà kan wà tí èyí tó kù máa ń wọnú tuntun téèyàn bá rà á kí ti àtijọ́ tó kú. Òfò ò ní sí mọ́ nígbà náà, ₦8,250 mi á sì dúró.

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Kò ní dúró, sà. Kí ti àtijọ́ tó kú náà lẹ gbọ́dọ̀ ra tuntun, ìyẹn ni pé lọ́jọ́ méjì-méjì ṣì ni. Ẹyọ 15 ò lè dín. GB á kàn máa pọ̀ sí i lápò rẹ̀ ni, òpin ọ̀sẹ̀ ò sì ní dà á láàmú.

Sọlá:
Ẹ bi í kí ló ń ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Kó ṣí ojú ewé yẹn kan náà, kó wo ápù tó jẹun jù. Tó bá jẹ́ họ́sípọ́ọ̀tì ló wà lókè, àwọn ọ̀rẹ́ yàrá ló ń bá a jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba ápù ni, àwọn ápù ló ń tún ara wọn ṣe. Tó bá fi èyí sí Wáìfáì nìkan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò ní jọ èyí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni àwòrán yìí, ẹ má gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò lè yàtọ̀ pátápátá.

Bàbá Ṣèyí:
Ohun tí gbogbo yín gbójú fò ni pé fóònù lè máa pe 1,000 MB ní 1 GB, kí tàwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì jẹ́ 1,024. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 20GB ti fóònù ò tó 20GB tiwọn. Á jẹ́ pé dátà tí ọmọ náà ń jẹ kéré sí ohun tẹ́ ẹ kà.

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tún lè yí ohun tó lò sókè kí wọ́n tó gé e. Ohun tí wọ́n gé la ó san. Kó tẹ *323#, tó ń fi dátà tó kù hàn, ní aago mẹ́wàá alẹ́ kan, kó tún tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kejì, kó má ra dátà láàrin. Kó yọ èkejì kúrò nínú èkínní, kó fi wé iye tí fóònù kọ láàrin wákàtí 24 yẹn.

Ní ti "+" tí wọ́n gé, mi ò lè fi ṣírò. Ó lè jẹ́ dátà òru, ó sì lè jẹ́ ti fídíò nìkan, fóònù ò sì ń ya ìyẹn sọ́tọ̀. Kó tẹ *312#, kó da ọ̀rọ̀ tó jáde kọ ránṣẹ́, kó má ya á mọ́. Á tún jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá owó òde òní ni. NCC fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n fi tó 50 nínú 100 lé owó wọn, àwòrán owó tó bá ti ṣáájú ìgbà náà ò wúlò.

Níbẹ̀ náà, kó wo àwọn dátà ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Tí oṣù bá ní Àbámẹ́ta àti Àìkú mẹ́jọ, 19.7GB ló máa lò. Tó bá ní mẹ́wàá, 21.3GB. Dátà oṣù kan tó bá jẹ́ 22GB tí kò sì tó ₦12,000 sàn ju ọlọ́jọ́ méjì yìí lọ.

Màmá Títí:
Ó ti ṣe ti *323#. Láti alẹ́ Ìṣẹ́gun sí alẹ́ Ọjọ́rú, 470 MB ni wọ́n gé, fóònù kọ 450. Ó ní ₦750 ò tíì yí padà. Ọ̀rọ̀ "+" yẹn, kò tíì fèsì.

Bàbá Ṣèyí:
Ọjọ́ kan ò tó fi dájọ́. Kó tún un ṣe.

Ráṣídì Oní-Fóònù:
Bàbá sọ òótọ́, kó tún un ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń lò ó gan-an. Bó bá dúró báyìí, 20.1GB á di 21GB. Lórí ọlọ́jọ́ méjì kò yí nǹkan padà, torí ọjọ́ là ń kà, ẹyọ 16 ṣì ni. Lórí dátà oṣù ló ti ní ìtumọ̀: oṣù tó ní òpin ọ̀sẹ̀ márùn-ún á lé ní 22GB, dátà á sì tán kí ọjọ́ tó pé. Ẹ wá èyí tó tó 23GB sókè, mà.