VLOOKUP ń gbé #N/A jáde, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni mò ń wò (ẹ jọ̀ọ́, kíákíá!)

Akọ̀wéỌjà: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. VLOOKUP mi nínú Excel ń gbé #N/A jáde, bí ẹni pé kò rí nǹkan kan, lórí kóòdù tí mo fojú ara mi rí nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì. Mo ti lo TRIM, kò gbọ́. Kí lẹ̀yin máa ń lò? Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ìbejì: TRIM nìkan kọ́ là ń lò. Fi CLEAN kún un, `=TRIM(CLEAN(A2))`. Kò já mi kulẹ̀ rí.

Baba Fọ́múlà: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n àmì 0 dé 31 ni CLEAN ń kó, irú èyí tó máa ń há sínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹnì kan bá tẹ Alt+Enter. TRIM náà, àlàfo tó jẹ́ nọ́ńbà 32 nìkan ló mọ̀. Èyí tó ń dà wá láàmú jù ni 160, àlàfo tí àwọn ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù máa ń lò kí ọ̀rọ̀ méjì má bàa pínyà ní ìparí ìlà. Lójú, òun àti àlàfo lásán ò yàtọ̀, àmọ́ TRIM ò ní fọwọ́ kàn án. Akọ̀wéỌjà, níbo lẹ ti rí àkọsílẹ̀ náà? Ẹ mú kóòdù kan, ẹ fi LEN ka iye àmì inú rẹ̀ ní apá méjèèjì, kí ẹ sọ ohun tó jáde fún wa.

Olùṣirò Kékeré: Kí lẹ ń wá kiri? Nọ́ńbà tí Excel kà sí ọ̀rọ̀ ni. Tó bá fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ni. Tó bá fara ti apá ọ̀tún, nọ́ńbà ni. Ẹ fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀, ó tán.

Baba Fọ́múlà: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn, LEN apá méjèèjì á dọ́gba. Ìdí tí mo fi ní kó wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀: Ohunkóhun tí ẹ bá máa ṣe, ẹ má lo Find & Replace o! Irú ìmọ̀ràn báyìí ni wọ́n gbà mí níbi iṣẹ́ kan. Mo kọ́pì àlàfo yẹn láti inú sẹ́ẹ̀lì, mo gbé e sínú Find what, mo fi Replace with sílẹ̀ lófìfo, mo tẹ Replace All. Àlàfo lọ lóòótọ́. Àmọ́ bó ṣe ń lọ, ṣe ni Excel ń tún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kà bí ẹni pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. 00417 di 417. Àwọn nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì 16 ló wá jẹ mí níyà jù. Excel kì í pa ju díjíìtì 15 mọ́, ó sọ èyí tó gbẹ̀yìn di 0 ní gbogbo ìlà. A ti fi fáìlì náà pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Adé Dátà: Ẹ̀bi Find & Replace kọ́ nìyẹn, ọ̀gá. Ṣé ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di Text kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀: Ta ló sọ fún mi? Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn ò dárúkọ Text. Mi ò tún ní fi ọwọ́ mi kàn án láéláé.

Ìyá Ìbejì: Háà, díjíìtì 16! Mo ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lọ wò ó.

Adé Dátà: Ẹ fi gbogbo èyí sílẹ̀, ẹ lo Power Query. Transform, Format, Trim. Kò sí fọ́múlà tí ẹ máa kọ.

Baba Fọ́múlà: Adé, o gbìyànjú. Àmọ́ Trim ti Power Query ò ń dín àlàfo méjì tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kù sí ẹyọ kan, TRIM inú sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é. Àti pé tí o bá fẹ́ so àkọsílẹ̀ méjì pọ̀ níbẹ̀, kb àti KB kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀. VLOOKUP ò bìkítà. O lè yanjú ìṣòro kan kí o sì bí òmíì.

Adé Dátà: Fún ẹni tó ń ṣe é lóṣooṣù, òun ṣì ni mo fara mọ́.

Akọ̀wéỌjà: Ẹ má bínú, ẹnì kan pè mí. KB-2041 ni kóòdù náà. LEN sọ pé 9 níbi èyí tí mo kọ́pì láti orí wẹ́ẹ̀bù, 7 níbi tèmi.

Baba Fọ́múlà: Ó dáa, ti Olùṣirò Kékeré kọ́ nìyẹn. Àmì méjì ló fara pa mọ́ síbẹ̀. Ẹ bi í léèrè níwájú àti lẹ́yìn:

```
=CODE(LEFT(A2,1))
=CODE(RIGHT(A2,1))
```

Akọ̀wéỌjà: Ẹ̀yìn ní 160. Iwájú ní 63. Mo wo 63, wọ́n ní àmì ìbéèrè ni. Kò sí àmì ìbéèrè kankan níbẹ̀!

Baba Fọ́múlà: CODE ò mọ àmì náà ni, 63 ló máa ń dá padà tó bá pàdé ohun tí kò sí nínú àtẹ rẹ̀. Ẹ lo `=UNICODE(LEFT(A2,1))`.

Akọ̀wéỌjà: 8203.

Baba Fọ́múlà: Àlàfo tí kò ní ìbú rárá ni. Kò gba àyè kankan lójú, TRIM ò mọ̀ ọ́n, CLEAN ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ èyí sínú kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojúlówó wà níbi tó wà:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(8203),""),UNICHAR(160)," "))
```

8203 ni mo pa rẹ́ pátápátá. 160 ni mo sọ di àlàfo lásán, torí ó lè wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì níbòmíì, tí ẹ bá pa á rẹ́ wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. TRIM á wá gé èyí tó wà létí. UNICHAR ni mo lò dípò CHAR torí pé CHAR(160) kì í ṣe àmì kan náà lórí Mac. LEN ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 7.

Kọ́kọ́dù: Ẹ jọ̀wọ́, tèmi ò sí nínú Excel, Python ni. Orúkọ tó ní lẹ́tà ẹ, ọ̀kan látinú fọ́ọ̀mù, èkejì látinú fáìlì àtijọ́. `==` ní wọn ò dọ́gba. strip() kó 160 lọ fún mi, kò kó 8203, mo pa ìyẹn rẹ́ fúnra mi, síbẹ̀ pàbó ló já sí.

Adé Dátà: Ti ìwọ kì í ṣe àlàfo. Ọ̀kan lára wọn kọ ẹ ní àmì ẹyọ kan, èkejì kọ e, ó wá fi àmì abẹ́ rẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Sọ méjèèjì di ọ̀kan náà kí o tó fi wọ́n wéra:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Akọ̀wéỌjà: Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Kóòdù mi ò ju àmì méje lọ, gbogbo wọn ló sì ní ìdọ̀tí kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. `=MID(A2,2,7)` ni mo lò, #N/A ti lọ.

Baba Fọ́múlà: Akọ̀wéỌjà! Èyí tí kò bá ní ìdọ̀tí níwájú, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. B-2041 ló máa kù. Ṣé gbogbo LEN ló jẹ́ 9?

Akọ̀wéỌjà: Mẹ́ta ni kì í ṣe 9. Mo fọwọ́ tẹ àwọn yẹn. Mo ti fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀: Ó kúkú sàn ju Replace All lọ.

Kọ́kọ́dù: Adé, NFC ṣiṣẹ́ fún lẹ́tà ẹ. Ó ku orúkọ kan tí kò tíì bára mu níbi méjèèjì. Gígùn wọn dọ́gba, àwọn àmì wọn ò dọ́gba. Mo ń bọ̀ wá kọ ọ́ síbí.