Ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì 4: ṣé kí n lọ sí 7 ni, àbí kí n pín áńtẹ́nà sí ọ̀nà mẹ́ta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mò ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM fún ìlú kan. Ìkànnì 28 ni mo ní, ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì 4 ni mo sì pín wọn sí, kálukú gba 7. Áńtẹ́nà wọn ń tàn yíká. Ìṣirò tí mo lò nìyí:

```
S/I = (3N)^(n/2) / 6
```

S/I ni agbára àmì sí ti ìkọlù, N ni iye sẹ́ẹ̀lì inú ìṣùpọ̀, n sì ni bí àmì ṣe ń yára rẹ̀ bí ọ̀nà ṣe ń jìn. 6 yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lo ìkànnì kan náà láyìíká. Bí n bá jẹ́ 4, S/I jẹ́ 13.8 dB, GSM ò sì nílò ju bíi 9 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọkọ̀ kiri láti wọ̀n ọ́n, RxLev lágbára létí sẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ RxQual ń fò dé 6 àti 7, ohùn sì ń já. Ìkọlù nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Lójú títì tó tẹ́jú, n sún mọ́ 3, S/I wá já sí 8.4 dB.

Tí mo bá lọ sí ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì 7, S/I yóò di 12 dB, ṣùgbọ́n ìkànnì 4 péré ló máa kù fún sẹ́ẹ̀lì kan, ọjà ìrọ̀lẹ́ ò ní gbà á. Bí mo bá pín áńtẹ́nà sí ìwọ̀n 120, sẹ́ẹ̀lì 2 ló máa kọlù mí dípò 6, a ó rí bíi 13 dB. Àmọ́ ìkànnì 7 sẹ́ẹ̀lì kan yóò fọ́ sí 2, 2 àti 3, apá kọ̀ọ̀kan á sì tún nílò BCCH tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ máa mú? Ṣé títẹ áńtẹ́nà sílẹ̀ nìkan lè tó?