"Iye" pọ̀ sí i, àbí owó pọ̀ sí i? Ìṣirò ohun èlò lẹ́yìn tí púláànù yí padà

Sọfẹ́yọ̀ Yábàá:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni à ń múra láti kọ́ ní Èbúté Mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ Èkó ni Alhaja tó ni ín ń gbé, Yorùbá ni wọ́n sì máa ń kà lórí wàsáàpù. Wọ́n ní ká yọ ògiri méjì kúrò nísàlẹ̀ kí ibẹ̀ lè di ṣọ́ọ̀bù gbàlasa. Ẹnjiníà tún púláànù yà, mo tún ìṣirò ohun èlò ṣe, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wá kọ sí wọn pé "iye ti pọ̀ sí i nítorí àyípadà iṣẹ́ ọnà." Èsì wọn rèé: "Ẹ yọ ògiri, ẹ tún ní iye pọ̀ sí i. Ṣé ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?" Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò, báwo sì ni kí n ṣe kọ ọ́ kó yé wọn?

Àgbà Sọfẹ́yọ̀, Sùúrùlérè:
"Iye" yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró níwájú ìsọ̀ tó ní "iye wo ni?", owó ló ń béèrè. Bí ó bá ní "iye èèyàn tó wá", kíkà ló ń sọ. Alhaja tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tajà kò ní rántí ti kíkà. Owó ni yóò gbọ́. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé owó àpò simẹ́ńtì kan wà níbi tó wà, àpò tí ilé máa gbà ló pọ̀. Nítorí náà, má dá "iye" kọ. Kọ "ohun èlò tí ilé máa gbà", kí o sì sọ ọ́ ketekete pé owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò yí padà. Má kọ "ó wọ́n sí i" rárá, torí ọjà ló ń wọ́n. Ó kù díẹ̀ káàtó fún "iṣẹ́ ọnà" náà, ère àti aṣọ ló máa ń mú wá sọ́kàn. Kí ni Alhaja fúnra wọn ń pe ìwé ẹnjiníà?

Sọfẹ́yọ̀ Yábàá:
Púláànù ni wọ́n ń pè é, sà.

Àgbà Sọfẹ́yọ̀, Sùúrùlérè:
Ó parí. "Púláànù tuntun" àti "púláànù àkọ́kọ́" ni kí o lò. Wá fún wa ní ohun tó wà nínú méjèèjì.

Olùkọ́ Èdè, Akọ́kà:
Kí ẹ tó lọ sórí nọ́ńbà, ẹ jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ kan fún ìwé ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Mo dábàá "ìdíyelé". Ó wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, kò sì gùn. Fún àyípadà púláànù, mo dábàá "àtúnyà". Dẹ́kìn náà, ẹ jẹ́ ká pè é ní "òrùlé kọnkéré".

Àgbà Sọfẹ́yọ̀, Sùúrùlérè:
Mo fara mọ́ "àtúnyà" láàárín wa, ó dùn létí, ó sì tọ̀nà. "Ìdíyelé" ni mi ò lè gbà fún ìwé yìí. Ẹni tó díye lé nǹkan ti fi owó lé e, a tún padà sí ìjà àárọ̀ nìyẹn. Ìwé ohun èlò kọ́kọ́ ń sọ pé ilé gba báyìí àpò, báyìí ọ̀pá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni owó ń dé. "Ìṣirò ohun èlò" ni mo máa ń kọ. Àwọn kan ń kọ "ìfojúdíwọ̀n", ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, orí púláànù ni a ti ń wọ̀n ọ́n, mítà sí mítà. Ti "òrùlé kọnkéré" yẹn, Olùkọ́, òrùlé ni páànù lórí ilé. Dẹ́kìn ilé yìí ni àwọn tó ń gbé òkè máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí Alhaja bá ka "òrùlé", wọ́n á rò pé páànù ni à ń rà kún un.

Sọfẹ́yọ̀ Yábàá:
Ohun tó wà nínú méjèèjì nìyí, sà. Dẹ́kìn jẹ́ 120 sìkúẹ̀ mítà. Nínú ti àkọ́kọ́, ó nípọn 150 mílímítà. Nínú tuntun, 200. Rọ́ọ̀dù tó nípọn 12 mílímítà ni wọ́n lò nínú méjèèjì, níbùú àti lóòró. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 200 mílímítà tẹ́lẹ̀, ó ti di 150. Ògiri tí a yọ jẹ́ mítà 12 ní gígùn, mítà 3 ní gíga. Bíìmù méjì tó wà lórí wọn lọ pẹ̀lú pílà àárín, torí Alhaja ní àwọn ò fẹ́ kí ohunkóhun yọ sísàlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Màmá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìdúmọ̀tà:
Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ owó simẹ́ńtì tó ń fò sókè lójoojúmọ́ kọ́ lẹ ń sọ ni? Èmi náà, wọ́n yí àtẹ̀gùn mi láti ìta sí inú, bíríkìlà ní kí n tún ra rọ́ọ̀dù. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ilé ló jẹ ẹ́ àbí òun ló jẹ ẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀?

Àgbà Sọfẹ́yọ̀, Sùúrùlérè:
Màmá, ọjà tó wọ́n kọ́ là ń sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín bọ́ sí i, torí ohun tó ń da Alhaja láàmú gan-an ló ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká ka ti dẹ́kìn yìí papọ̀.

Bí rọ́ọ̀dù bá fi 200 mílímítà jìnnà síra, márùn-ún ló máa bọ́ sínú mítà kan, márùn-ún níbùú, márùn-ún lóòró. Ìyẹn ni mítà rọ́ọ̀dù 10 fún sìkúẹ̀ mítà kan. Ní 120, ó di mítà 1,200. Ọ̀pá rọ́ọ̀dù kan jẹ́ mítà 12, nítorí náà ọ̀pá 100 nìyẹn. Ẹ wá sún wọn mọ́ra di 150: gbogbo rẹ̀ di mítà 1,600, ọ̀pá 134. Rọ́ọ̀dù 12 kò fi bẹ́ẹ̀ pé kílò kan ní mítà, 0.888 ni. Àfikún mítà 400 yẹn tó nǹkan bí kílò 355. Mi ò tíì ka ibi tí wọ́n ti máa gbé orí ọ̀pá lé ara wọn, mi ò sì tíì ka èyí tí wọ́n á gé dànù.

Kọnkéré ńkọ́? Nípọn 150, kúbíìkì mítà 18 ni. Nípọn 200, ó di 24. Bíìmù tí a yọ dá díẹ̀ padà, kò tó kúbíìkì mítà kan. Àfikún tó kù lé ní márùn-ún. Bí a bá po ó ní simẹ́ńtì ọ̀kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kúbíìkì mítà kan máa ń gba bí àpò mẹ́fà ààbọ̀, nítorí náà nǹkan bí àpò 34 ló gòkè.

Ògiri náà dá nǹkan padà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ fún Alhaja láìfi pamọ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ló ń wọ sìkúẹ̀ mítà kan. Ògiri náà jẹ́ 36, búlọ́ọ̀kù 360 jáde nínú ìṣirò, pẹ̀lú simẹ́ńtì tí a bá fi tò ó àti èyí tí a bá fi rẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Bí a bá ka gbogbo ìyẹn, simẹ́ńtì ṣì lè gòkè ní bí àpò 20. Ohun tó gòkè gidi ni rọ́ọ̀dù.

Olùkọ́ Èdè, Akọ́kà:
Ó ti yé mi. Àlàfo tí dẹ́kìn ń dá kọjá ti di ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹrù inú rẹ̀ náà di ìlọ́po méjì.

Ẹnjiníà, Ìkòròdú:
Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, sà. Àlàfo tó jẹ́ mítà 3 tẹ́lẹ̀ ti di 6. Bí àlàfo bá di méjì, agbára tó ń fẹ́ tẹ dẹ́kìn ní àárín ń di mẹ́rin. Kò wá túmọ̀ sí pé rọ́ọ̀dù di mẹ́rin, torí bí dẹ́kìn bá nípọn sí i, rọ́ọ̀dù kan náà á ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrù sì tún ń pín sí ìhà méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi fi nípọn kún un, tó sì sún rọ́ọ̀dù mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ kí Alhaja mọ̀ ni pé ògiri nìkan kọ́ ló lọ. Ojú wọn rí ògiri. Wọn ò rí bíìmù àti pílà tó bá a lọ, àwọn yẹn ló ń gba dẹ́kìn ró. Ṣé ògiri kankan jókòó síbẹ̀ lókè?

Sọfẹ́yọ̀ Yábàá:
Rárá sà, pálọ̀ ni òkè ibẹ̀.

Ẹnjiníà, Ìkòròdú:
Ó dára. Màmá Ìdúmọ̀tà, ní tiyín, ẹ bá ẹnjiníà béèrè ìwé títẹ̀ rọ́ọ̀dù. Oríṣi rọ́ọ̀dù, gígùn rẹ̀ àti ẹyọ mélòó ló wà níbẹ̀. Ẹ ka ọ̀pá tó dé sórí ilẹ̀. Kí wọ́n tó da kọnkéré, ẹ mú tépù wọn àlàfo láti àárín rọ́ọ̀dù kan sí àárín èkejì. Bí ìwé bá ní 150, tí tépù ní 200, rọ́ọ̀dù tí ẹ san owó rẹ̀ kò sí nínú dẹ́kìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á, kò rọrùn láti mọ̀ mọ́.

Àgbà Sọfẹ́yọ̀, Sùúrùlérè:
Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Alhaja, ẹ kú ìṣòwò o. Owó ẹyọ simẹ́ńtì, rọ́ọ̀dù àti búlọ́ọ̀kù wà bó ṣe wà nínú ìwé àkọ́kọ́, mi ò fi kọ́bọ̀ kún un. Ohun èlò tí ilé máa gbà ló yí padà. Bí a ṣe yọ ògiri méjì yẹn, bíìmù méjì àti pílà tó ń gba dẹ́kìn ró láàárín bá a lọ, torí ẹ ò fẹ́ kí ohunkóhun yọ sísàlẹ̀. Dẹ́kìn á máa dá gbé ara rẹ̀ láti etí dé etí, ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi jẹ́ kó nípọn, tó sì sún rọ́ọ̀dù mọ́ra. Ohun tó jáde: búlọ́ọ̀kù 360, bíìmù méjì àti pílà. Ohun tó wọlé: ọ̀pá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti rọ́ọ̀dù 12 mílímítà, àti simẹ́ńtì bí àpò 20 lẹ́yìn tí a ti yọ ti ògiri. Bí ẹ bá lè gba bíìmù kan láyè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo lè ní kí ẹnjiníà wò ó bóyá ohun èlò á dínkù. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí a tó ra nǹkan."

Olùkọ́ Èdè, Akọ́kà:
"Ohun tó jáde, ohun tó wọlé" dà bí ìwé gbèsè. "Àyọkúrò" àti "àfikún" ló yẹ ìwé iṣẹ́.

Màmá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìdúmọ̀tà:
Olùkọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ọjà náà nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi.

Olùkọ́ Èdè, Akọ́kà:
Kó wà bẹ́ẹ̀ lórí wàsáàpù. Nínú ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí, mo ṣì dúró lórí "àyọkúrò".

Ẹnjiníà, Ìkòròdú:
Ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Kúbíìkì mítà kọnkéré kan ń wọn ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Àfikún márùn-ún yẹn ti lé ní tọ́ọ̀nù 12, àwọn pílà etí ilé ló sì máa gbé e, pẹ̀lú èyí tí pílà àárín ń gbé tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹnjiníà yín ti tún pílà etí àti ìpìlẹ̀ wọn ṣírò? Bí wọn ò bá tíì ṣe é, ìṣirò ohun èlò yìí ṣì lè gòkè, Alhaja á sì gba ìwé kẹta. Púláànù tuntun náà gbọ́dọ̀ padà sí LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí púláànù ilé, torí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí kọ́ la fẹ́ kọ́ mọ́.

Sọfẹ́yọ̀ Yábàá:
Ìwé tí wọ́n fún mi kò kan ìpìlẹ̀, sà. Dẹ́kìn nìkan ló wà níbẹ̀. Mò ń pe ẹnjiníà báyìí. Mo máa kọ sí Alhaja lónìí pé dẹ́kìn nìkan ni ìṣirò yìí, àti pé ti pílà àti ìpìlẹ̀ ń bọ̀, kí wọ́n má san owó rọ́ọ̀dù kankan títí á fi dé.