Èsì: «Orin ọkàn-líle» fún háàdìkọ̀ pọ́ǹkì

Àjíkẹ́ béèrè: «Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ àròkọ kan nípa háàdìkọ̀ pọ́ǹkì Amẹ́ríkà, ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì kan tó le gan-an. Mo pè é ní orin ọkàn-líle. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?»

Àlàó: Rárá o. Ọkàn líle ti Fáráò ni. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé àwọn olórin náà kò láàánú. Pọ́ǹkì kánkán ni kó o pè é. Eré sísá ni wọ́n fi yàtọ̀ sí pọ́ǹkì tó ṣáájú wọn, ó parí. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ni ní gírámà kì í ṣe eré.

Dèjì: Ẹ̀gbọ́n, a kì í bá yín du gírámà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi àmì sí kánkán yín, kankan ló kọ yẹn: «mi ò gbọ́ pọ́ǹkì kankan».

Ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí ìlù náà. Nínú rọ́ọ̀kì lásán, bí a bá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ máa ń dún lórí ení àti ẹ̀ta, ìlù kékeré tó ní wáyà lábẹ́ á sì dáhùn lórí èjì àti ẹ̀rin. Ìdáhùn méjì péré nìyẹn. Nínú háàdìkọ̀, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba gbogbo ònkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlù kékeré á wá máa bọ́ sí àárín wọn. Ìdáhùn ti di mẹ́rin kí onílù tó fi eré kún un rárá. Ìgbà tí wọ́n wá fi eré kún un ni orin kan tí ẹgbẹ́ Minor Threat kọ ṣe parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 46.

Onílù tó bá ń fi èjìká lù ú, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi gan. Ìlù kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, títí yóò fi ṣubú lé ìlù ẹlẹ́sẹ̀ lórí. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé gìtá ti ń dé ṣáájú ìlù. Ọrùn-ọwọ́ ni kó máa lò, kó má gbé ọ̀pá ga.

Síbẹ̀ kánkán kò tó. Ojú kejì àwo My War tí ẹgbẹ́ Black Flag ṣe ní 1984, orin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ó ń wọ́ bí ìgbín. Háàdìkọ̀ náà ni. Kíkankíkan ni mo fọwọ́ sí.

Ìyá Ṣọlá: Onílù ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ń sáré báyìí, akọrin kò rí èémí mí. Ṣé òun náà ti di háàdìkọ̀?

Àlàó: Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Dèjì, kan tó wà nínú kíkankíkan ńkọ́? Ti ọtí kíkan ni, àbí òmíràn?

Àjíkẹ́: Èmi ti rí nǹkan. Kọ̀ ló parí háàdìkọ̀ fúnra rẹ̀! Àròkọ náà sọ pé wọ́n kọ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá. Ṣé a lè pè é ní pọ́ǹkì akọ̀?

Àlàó: Àkọ̀ ni wọ́n máa kà á sí, ilé idà.

Dèjì: Kọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àbúrò. Greg Ginn ti Black Flag ti dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀, SST, sílẹ̀ ní 1978, síbẹ̀ wọ́n bá ilé-iṣẹ́ àwo Unicorn ṣàdéhùn lórí àwo Damaged ní 1981, kí ilé-iṣẹ́ ńlá MCA lè bá wọn pín in. MCA ló kọ̀ wọ́n: ọ̀gá kan níbẹ̀ ní àwo náà lòdì sí òbí. Ìjà pẹ̀lú Unicorn wá dé kóòtù. Wọn ò lè fi orúkọ ẹgbẹ́ sára àwo mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òmíràn, orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, èyí sì sọ Ginn àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Chuck Dukowski sẹ́wọ̀n ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ àwo Dischord ní Wáṣíńtìn ló kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 1980. Àwo ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gé àpò rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Àjíkẹ́: Ìrìnkiri orin tí wọ́n ń ṣètò fúnra wọn wá ńkọ́? Mo kọ ọ́ sí «ìrìn-àjò afẹ́».

Dèjì: Afẹ́ kẹ̀! Orí ilẹ̀ ilé ẹni tó gbà wọ́n lálejò ni wọ́n ń sùn. Dukowski ló ń tẹ ẹni kan láago ní ìlú kan, ẹni yẹn á wá gbọ̀ngàn, á wá ẹgbẹ́ ìlú náà tí yóò ṣáájú, á sì júwe ẹni tó wà ní ìlú tó kàn. Owó ẹnu ọ̀nà ló ń ra epo dé ìlú kejì. Bí eré ìlú kan bá yẹ̀, epo tán nìyẹn. Ilé ọtí kì í gba ọmọdé wọlé, àwọn ọmọdé ló sì ń gbọ́ orin náà jù. Ní San Francisco ní 1980, wọ́n fa X gàdàgbà sẹ́yìn ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Teen Idles ti Wáṣíńtìn kí ẹnikẹ́ni má ta ọtí fún wọn. Àwọn ọmọ náà gbé ọgbọ́n yìí wá sílé. Ìrìnkiri àdáṣe ni kó o kọ.

Àlàó: Àdáṣe ni ẹnì kan dá ṣe. Àwọn yìí pọ̀. Àjọṣe ni, àbí kí lo fẹ́ pe ẹni tó gbé fóònù ní ìlú kejì? Mi ò sì tíì gbọ́ èsì kan lórí kan.