Owó ẹ̀rọ mi lé ní báńkì, síbẹ̀ kò ra ẹ̀rọ mọ́: ẹ sọ tiyín

Aránṣọ Abẹ́òkúta
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mo ń rán. Láti 2021 ni mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n lè ra ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tó ń ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2023, owó náà ti pé 1,500,000 náírà. Ọkùnrin tó ń kó ẹ̀rọ wọlé ní 2,000 dọ́là ni òun ń tà á, bíi 750 ni wọ́n sì ń ṣẹ́ dọ́là kan níta, owó mi tó o gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n iná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn kò lè gbé e. Mo ní kí n yanjú ọ̀rọ̀ iná ná, mo bá kó owó sí fíkísì fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Iye ti ìjọba tó wà ní bíi 471 fò sí bíi 664 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò kọbi ara sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Nígbà tí fíkísì mi pé ní oṣù kejì 2024, báńkì san án tèlétèlé, ó lé díẹ̀ ní 1,600,000. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ẹ̀rọ ṣì jẹ́ 2,000 dọ́là, òun ò fi kọ́bọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n 1,800 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣírò ó sẹ́yìn bébà tí mo fi ń gé ọrùn aṣọ: 3,600,000. Tí mo bá ṣẹ́ gbogbo owó ọwọ́ mi, kò ní pé 900 dọ́là. Bébà yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó jí mi lówó, ìwé báńkì fi hàn pé owó mi lé, àmọ́ ìdajì ẹ̀rọ ti lọ, ó tún lé ní ìdajì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó sí dọ́là, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí lojú yín sì rí?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èèsú ló dára jù, báńkì ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àwa méjìlá la jọ ń dá 100,000 lóṣooṣù, a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2023. Ẹni tó kọ́kọ́ kó 1,200,000 fi ra ẹ̀rọ ìlọ̀ ńlá. Èmi ni mo kó kẹ́yìn, ní oṣù kẹfà 2024. Iye kan náà ni mo gbà, àmọ́ irú ẹ̀rọ ìlọ̀ yẹn ti di 2,300,000. Wọ́n ní ẹni tó kó kẹ́yìn ló ní sùúrù jù. Ọdún tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ kó o.

Ọmọ Àkúrẹ́
Mà, èèsú gan-an ló jẹ yín yẹn. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ ra USDT, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là. Orí fóònù lẹ ti máa rà á, dọ́là kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yàtọ̀ sí dọ́là tó wà ní báńkì rárá. Èmi ò ní náírà tó ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ Báńkì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ọmọ Àkúrẹ́, òótọ́ ni pé owó yín kò bá náírà wálẹ̀. Àmọ́ ó yàtọ̀ sí dọ́là báńkì. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló ń ṣèlérí pé òun máa fi dọ́là rọ́pò rẹ̀, ìlérí yẹn lẹ sì gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ sọ ọ́ di náírà, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Tó bá jẹ́ owó jìbìtì ni, àkáǹtì yín ni wọ́n máa tì. Mo rí i nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síwájú mi, kò jalè, àmọ́ ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lè fọwọ́ kan owó ara rẹ̀.

Aránṣọ, àkáǹtì dọ́mù, èyí tí báńkì fi ń bá èèyàn tọ́jú dọ́là, ni mo mọ̀ dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò bèèrè kí wọ́n tó ṣí i ni bí dọ́là náà ṣe máa wọlé. Èyí tí ẹ rà níta tí ẹ gbé wọlé lówó ìwé, ìwé náà lẹ sábà máa gbà padà, báńkì kì í fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun. Èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun ló ṣeé tún fi ránṣẹ́. Tí ọkùnrin ẹ̀rọ yẹn bá fẹ́ kí ẹ sanwó tààrà sí Ṣáínà, dọ́là owó ìwé ò ní ràn yín lọ́wọ́.

Báyọ̀ Ẹlẹ́ńjìnì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Nígbà tí ariwo gba ìlú ní oṣù kejì 2024, mo kó owó ilé mi, 900,000, mo fi ra 500 dọ́là ní 1,800. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó máa dé 2,500. Nígbà tí owó ilé pé ní oṣù kẹrin, náírà ti gbérí. Wọ́n ń rà á ní 1,150. Abókí mú ìwé 100 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sí oòrùn, ó fi èékánná ra èjìká ẹ̀wù ọkùnrin tó wà lára rẹ̀ bóyá ó máa ha. Ó yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀, ó ní olórí kékeré nìyí, ti àtijọ́, òun máa yọ nínú owó ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò tilẹ̀ pé 575,000 tí mo gbà. Mo yá ìyókù kí bàbá onílé má bàa lé wa jáde.

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ẹ yára tà á ni o. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti tún kọjá 1,600.

Báyọ̀ Ẹlẹ́ńjìnì
Ṣé onílé máa dúró dè mí títí di ìparí ọdún ni?

Òṣìṣẹ́ Báńkì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Báyọ̀ kò ṣàṣìṣe torí ó tà á. Owó ilé ni, náírà ni onílé ń gbà, oṣù méjì péré ló sì kù. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan ṣe nínú dọ́là. Ti Aránṣọ yàtọ̀, torí dọ́là ni wọ́n fi dá iye lé ohun tó ń ra.

Ẹni tí kò fẹ́ gbé owó ìwé pamọ́ lè wo àpò ìdókòwò tó ń ra Yúróbọ́ńdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba fi ń yá dọ́là lókè òkun. Ó ń mú èlé wá ní dọ́là. Àmọ́ ẹ má pè é ní àkáǹtì o. Ní 2022, nígbà tí Amẹ́ríkà ń gbé èlé sókè, iye Yúróbọ́ńdì Nàìjíríà já wálẹ̀ gan-an, ẹni tó yọ owó lákòókò yẹn pàdánù ní dọ́là. Ìjọba náà ta bọ́ńdì dọ́là nílé níbí ní 2024, ọdún márùn-ún, èlé 9.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ṣùgbọ́n 10,000 dọ́là ló kéré jù tí èèyàn lè fi rà á, kì í ṣe ti àwa tí à ń kó owó jọ ní 20 dọ́là.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́
Ṣé kì í ṣe dọ́là tí gbogbo yín ń rà yìí ló ń sọ náírà di yẹpẹrẹ?

Òṣìṣẹ́ Báńkì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mà. Bí a bá jọ sáré lọ rà á lọ́jọ́ kan náà, iye rẹ̀ á lọ sókè. Àmọ́ epo rọ̀bì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là wa wọlé, tí èyí tó ń wọlé kò bá sì tó èyí tí à ń ná sórí ohun tí à ń kó wá, dọ́là á wọ́n, kódà bí aránṣọ ò ra ẹyọ kan.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́
Mo gbọ́. Síbẹ̀, ara mi ò gbà á.

Aránṣọ Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí: mi ò kó owó jọ sílé mọ́. Bí iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó bá ti wọlé, mo máa ń yọ nínú rẹ̀, mo ń san án fún ọkùnrin ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Iye dọ́là tó jẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń kọ sínú ìwé, kò sì lè yí i padà. Mo ti san 740 dọ́là.

Báyọ̀ Ẹlẹ́ńjìnì
Tó bá sá lọ ńkọ́?

Aránṣọ Abẹ́òkúta
Mo mọ ilé ìyá rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ lóru, àmọ́ kò sí ibòmíràn tí mo lè kó o sí.