Àbọ̀ fọ́tò ìgbéyàwó Abẹ́òkúta: mo ń pa ọ̀rọ̀ yìí dé

Ìbéèrè mi: "Nínú Lightroom Classic, mo fi prísẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn àkójọ àtúnṣe tí a ti tọ́jú sílẹ̀, sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò ìgbéyàwó. Ti inú gbọ̀ngàn dára, ti ìta funfun jù. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí n máa tún un ṣe?"

Ìyàwó ti gba fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìtòkò ló là á yé mi: kí n yọ Exposure, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fọ́tò, kúrò nínú prísẹ́ẹ̀tì, kó ku àwọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo èyí tí a yà lábẹ́ Olúmọ pọ̀ nínú Library ti Lightroom Classic, mo sì tẹ ọfà kékeré Exposure tó wà ní Quick Develop lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì. Títẹ̀ kan ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta sítọ́ọ̀pù, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kúrò lára iye tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti ní tẹ́lẹ̀. Sync ní tirẹ̀, tó ń da àtúnṣe fọ́tò kan kọ àwọn yòókù, á sọ gbogbo wọn di nọ́ńbà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló sì ti ń bà á jẹ́.

Mo wọ Develop, mo tẹ J, tó ń fi pupa hàn níbi tó bá funfun jù. Pupa tó bo léèsì funfun ìyàwó ti lọ, àfi lára díẹ̀ tó ti jóná láti inú kámẹ́rà. Ìyẹn ò ṣeé gbà padà.

Ẹni tó dá mi lóhùn pé kí n tẹ Auto, kí Lightroom fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀, gbà á dé ìdajì. Ó dára fún fọ́tò tó dá wà, ṣùgbọ́n níbi ijó, ìmọ́lẹ̀ ń fò sókè sódò láàárín àwọn tó tẹ̀ lé ara wọn.

Àǹtí tí álíbọ́ọ̀mù wọn ń ṣókùnkùn nílé ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn o. Ẹ kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yín kù.

Iná àlùkò DJ lójú ọkọ ìyàwó ṣì ń dà mí láàmú. Dúdú-òun-funfun ni mo sọ wọ́n dà.