“Àìgbẹ́sẹ̀lé” kọ́ ló yẹ òṣùpá

Atúmọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé àdéhùn gbalasa òfuurufú ti ọdún 1967. Níbi tí abala kejì ti ní orílẹ̀-èdè kankan kò lè ní òṣùpá, “àìgbẹ́sẹ̀lé” ni mo kọ. Olóòtú mi ní kò tọ̀nà. Kí ni kí n kọ?

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Olóòtú yín jàre. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri. Bí ilé ẹjọ́ bá gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹnìkan, ilé náà ṣì ní olówó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé lé e, wọ́n sì lè gbé e kúrò lọ́la. Ohun tí abala kejì ń kọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó ní orílẹ̀-èdè kankan kò lè di onílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà kéde pé òun ni ọba ibẹ̀, ìbáà máa lò ó, ìbáà tẹ̀dó síbẹ̀, ìbáà gba ọ̀nà mìíràn èyíkéyìí.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, wọ́n sì ri àsíá mọ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú òfin pé àsíá náà kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti di tàwọn. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, wọn kò sọ ọ́ di tiwọn. Bí ẹ bá wá kọ “àìgbẹ́sẹ̀lé”, ẹ ti dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. “Àìsọditẹni” ni kí ẹ kọ.

Olùkọ́ Gírámà:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n “ẹni” yẹn ń bí mi nínú. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà, n kò sì ní jẹ́ kí mọ́fíìmù kan kọjá báyìí. Ẹni, ènìyàn ni. Orílẹ̀-èdè ni àdéhùn ń bá wí. Ohun tí òfin kò bá kọ̀, ó gbà á. Ìjọba ni kò lè ní ilẹ̀ lórí òṣùpá, ènìyàn lásán lè ní in. Bí ẹ bá kọ “tẹni”, ẹ ti yí òfin po. “Àìsọdilẹ̀ọba” ló bá a mu.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ láìjẹ́ pé a ti pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní?

Awòràwọ̀:
Ọ̀gá, mo ti pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Dilẹ̀” ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀, dilẹ̀ ti ọwọ́ tó dilẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò ní rántí ilẹ̀ rárá.

Ní ti pé ènìyàn lásán lè ní in, ẹnìkan ti dán an wò. Lọ́dún 2000, ará Amẹ́ríkà kan, Gregory Nemitz, kéde pé òun ló ni Eros, ọ̀kan nínú àwọn àpáta òfuurufú. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ọkọ̀ NEAR Shoemaker ti NASA balẹ̀ sórí Eros. Nemitz fi ìwé owó ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n san 20 dọ́là fún ààyè tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí, fún ọgọ́rùn-ún ọdún. NASA kò san án. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní 2004.

Abala kẹfà ni kí ẹ kà, ọ̀gá. Orílẹ̀-èdè ló ń dáhùn fún ohun tí ọmọ ìlú rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ aládàáni rẹ̀ bá ṣe lókè lọ́hùn-ún. Ìyọ̀ǹda ìjọba ni wọ́n fi ń lọ, ojú ìjọba ló sì ń wà lára wọn. Ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ilẹ̀, ìwé ilẹ̀ wo ni yóò fún ẹlòmíràn?

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èyí kan ìwé tó wà lọ́wọ́ mi? Mo ra éékà kan lórí òṣùpá fún àkọ́bí mi nígbà tó pé ọdún 10. Àwọn tó tà á fún mi fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà ránṣẹ́, orúkọ ọmọ wà lórí rẹ̀, máàpù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Mo rò pé bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ gidi fún òfin náà, ìwé mi á tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí i.

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Ẹ má bínú, màmá. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè rí tí yóò gbé ìwé yẹn dìde. Ẹni tí kò ní nǹkan kò lè tà á, àwọn tó tà á fún yín kò sì rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìjọba tí ẹ lè gbé e lọ bá kó dá yín láre. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi sí ara ògiri, ó kúkú fẹ́ràn rẹ̀.

Olùkọ́ Gírámà:
Mo gba ti ẹjọ́ Nemitz. N kò gba ti “ẹni”.

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Àbùkù tó wà lára ọ̀rọ̀ mi gan-an, ẹ kò tíì fọwọ́ bà á, kì í sì í ṣe “ẹni”. Ẹ tú u palẹ̀: sọ *kí ni* di tẹni? “Sọ” kò lè dá dúró níbẹ̀ láìní àbọ̀. Nígbà tí mo fi “àì-” ṣíwájú tí mo sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀, àbọ̀ náà bọ́ sọnù. Àbọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń jà lé lórí báyìí. Ṣé ilẹ̀ òṣùpá ni a kò lè sọ di tiwa, àbí a kò lè ní erùpẹ̀ tí a bá ti gbẹ́ kúrò lára rẹ̀ náà?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. NASA kéde pé òun fẹ́ ra erùpẹ̀ òṣùpá lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Ilé iṣẹ́ kan, Lunar Outpost, ní dọ́là kan péré ni òun yóò gbà. Iṣẹ́ náà ni pé kí ẹ̀rọ rẹ̀ kó erùpẹ̀, láti 50 gíráàmù sí 500, kó ya àwòrán rẹ̀, kó sì jẹ́ kí NASA mọ ibi tó ti kó o. Wọn kò ní gbé e wá sílé. Ibẹ̀ náà lórí òṣùpá ni erùpẹ̀ yóò ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kó o, tí yóò di ti NASA. Ìdá 10 nínú 100 owó náà ni wọ́n ń san nígbà tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé, ìdá 10 nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra, ìdá 80 tó kù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. NASA kọ sọ̀wédowó sẹ́ǹtì 10 fún Lunar Outpost ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni sẹ́ǹtì 10 fẹ́ rà? Àpẹẹrẹ ni wọ́n ń rà. Wọ́n fẹ́ lè sọ lọ́la pé wọ́n ti tà á, wọ́n ti rà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọkọ̀ Athena gbé ẹ̀rọ náà dé òṣùpá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà dojú bolẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀rọ kò sì rí ọ̀nà jáde. Títà náà kò wáyé. Àwọn baba wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Níbi tí kò ti sí ẹni tó lẹrú, ta ló lẹrù? Ìbéèrè tí “àìsọditẹni” gbé mì nìyẹn.

Awòràwọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ìdáhùn wà. Kò sẹ́ni tó ni agbami òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ẹja níbẹ̀ ló ni ẹja. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ti 2015 tẹ̀ lé nìyẹn, Lúkísẹ́ḿbọ́ọ̀gì tẹ̀ lé e ní 2017, Japáànù ní 2021. Gbogbo wọn ní ohun tí o bá wà jáde jẹ́ tìrẹ. Àwọn arìnrìn-àjò Àpólò kó òkúta àti erùpẹ̀ 382 kílò wálé, ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n dá a padà. Ní 1993 wọ́n ta hóró erùpẹ̀ mẹ́ta tí Sófíẹ́ẹ̀tì kó wá, ní gbàǹjo, ní iye tó lé ní 400,000 dọ́là. Ẹni tó rà á ló ni ín.

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Ẹja ń bímọ, àbúrò. Yìnyín kì í bímọ. Omi tí wọ́n ń wá wà nínú àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé, nítòsí òpin gúúsù òṣùpá. Ní 2009, NASA ju àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ṣófo sínú ọ̀kan nínú wọn, Cabeus, wọ́n sì rí omi nínú ohun tó tú jáde. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kó yìnyín kòtò kan tán pátápátá tó wá ní òun kò sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di tòun, òótọ́ ẹnu ni. Kí ló ṣẹ́ kù fún ẹni tó tẹ̀ lé e?

Bàbá Arúgbó:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ ò mẹ́nu ba àdéhùn òṣùpá ti 1979, tó wí pé ohun àlùmọ́nì ibẹ̀, *níbi tó wà*, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ti gbogbo aráyé ni. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kò gbà kí ó de àwọn ni ó fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n “ogún àjùmọ̀ní” tí àwọn atúmọ̀ ń kọ fún un, n kò fara mọ́ ọn. Ogún! Ta ló kú? Nígbà èwe wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ogún lójú ẹni tó wà láàyè. Òṣùpá kò kú, ẹni tó dá a kò kú. “Àjùmọ̀ní” tó.

Olùkọ́ Gírámà:
Bàbá, a ń sọ pé èdè jẹ́ ogún àwọn baba wa, èdè kò sì kú.

Bàbá Arúgbó:
Àwọn baba yẹn ló kú. Tún un wò.

Awòràwọ̀:
“Níbi tó wà” tí Bàbá tọ́ka sí yẹn náà tún nìyẹn. Àwọn kan ní tí o bá ti gbé e kúrò níbi tó wà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ẹ̀rọ bá wá gbé erùpẹ̀ sókè ní ìwọ̀n ọwọ́ kan tó sì tún dà á sílẹ̀ síbẹ̀, ṣé ó ti kúrò níbi tó wà? Erùpẹ̀ NASA ti dọ́là kan kò ní kúrò lórí òṣùpá rárá.

Atúmọ̀:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pa ọ̀rọ̀ orúkọ náà rẹ́, gbólóhùn ni mo kọ, kí àbọ̀ lè hàn: “Orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ sọ gbalasa òfuurufú, òṣùpá, tàbí ohun mìíràn tó wà lójú ọ̀run di tirẹ̀.” Erùpẹ̀ tí a gbẹ́, n kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwé náà fúnra rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ Gírámà:
“Tirẹ̀” sàn ju “tẹni” lọ. Ṣùgbọ́n “ojú ọ̀run” yẹn, a óò padà bá a.

Agbẹjọ́rò Àgbà:
Mo fara mọ́ gbólóhùn yẹn. Ẹ má wulẹ̀ ju “ìgbẹ́sẹ̀lé” nù, ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú. Àdéhùn Átẹ́mísì ti 2020 gba àwọn tó fọwọ́ sí i láàyè láti kéde àyíká ààbò yí ibi iṣẹ́ wọn ká, kí ẹlòmíràn má baà ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe onílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dà, wọ́n sì ní bí iṣẹ́ bá parí àyíká náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá gba ogójì ọdún ńkọ́, létí kòtò yìnyín kan ṣoṣo? Kò sí ẹni tó lè ní wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ẹsẹ̀ wọn ló wà lórí rẹ̀.